Omi Inú Ìlà Kẹta

Bí ẹ bá dé iléèwé wa tí ẹ béèrè Màmá Láàbù, ọmọ tó kéré jù níbẹ̀ yóò nawọ́ sí ilé pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn pápá. Bí ẹ bá béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an, àfi kí ẹ lọ wo ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Èmi fúnra mi bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko kí n tó mọ orúkọ náà, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Obìnrin kúkúrú ni, ara rẹ̀ le, kì í pariwo. Kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tó mu tíì àárọ̀ tán, ó ti ṣí fèrèsé láàbù. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù ní àpò méjì: pẹ́ńsùlù wà nínú ọ̀kan, àkísà wà nínú èkejì, mi ò sì rí ọjọ́ tó ṣi ọwọ́ bọ àpò kan. Òun ló ń fọ ìgò, òun ló ń po oògùn, òun ló ń lẹ orúkọ mọ́ wọn, tí yóò sì tò wọ́n sórí tábìlì kí àwọn ọmọ tó wọlé. Bí ọmọ kan bá da ásíìdì sílẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ pariwo.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà ní láàbù yẹn. Tẹkiníṣíàn tó bá níbẹ̀ fẹ̀yìn tì ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn máa fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n gbàgbé. Nígbà tí iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ dúró, gbogbo ẹ̀ bọ́ sí Màmá lọ́rùn. Iṣẹ́ tẹkiníṣíàn ló ń ṣe, aṣèrànwọ́ láàbù ló ń jẹ́. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá àgbà pè é, ó sọ fún un pé ìjọba ti rántí àyè náà o, wọ́n fẹ́ dí i. Bí Màmá bá yege ìdánwò tẹkiníṣíàn, tirẹ̀ ni. Bí kò bá yege, wọn yóò gbé òṣìṣẹ́ tuntun kan wá láti ìta, Màmá yóò sì padà sí fífọ ìgò lábẹ́ ẹni tí òun ni yóò kọ́ ọ níbi tí ìgò wà.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò yẹn, ẹni tó bá sì ti pé àádọ́ta ọdún kò lè jókòó sí i mọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn ìdánwò ọdún náà ni Màmá yóò pé àádọ́ta. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì rí, ó ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí ló kù.

Ó wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dúró bí ọmọ tó fẹ́ tọrọ ààyè.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìbéèrè kan. Òun ló ń lé mi kiri.”

Mo mọ ìbéèrè ọ̀hún kó tó ṣí ìwé. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣe kẹ́míṣírì mọ̀ ọ́n: wọn yóò ya tébù kan fún ọ, wọn yóò sọ fún ọ pé àwọn kan po oògùn méjì pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó rèé, bí ìdàpọ̀ náà ṣe yára tó ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ rèé, ó yá, sọ ọ́dà oògùn kọ̀ọ̀kan fún wa, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí oògùn yẹn ṣe ń darí ìyára tó. Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù láyé ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀nà tí mo gbà ń ṣe é tìlù tìfọn, rúlà ni mo sì máa ń lò, débi pé wọ́n sọ mí ní Tíṣà Rúlà. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀, ó sì ń dùn mọ́ mi nínú.

Mo ní kí Màmá sọ bó ṣe kùnà ní àkọ́kọ́. Ó ní òun wo àwọn nọ́ńbà tó wà níwájú oògùn kọ̀ọ̀kan nínú ìdọ́gba tí wọ́n kọ sókè, òun rí méjì níwájú ọ̀kan, òun ò rí nǹkan kan níwájú èkejì, òun bá kọ ọ́dà méjì àti ọ́dà kan. Mo rẹ́rìn-ín.

“Mà, nọ́ńbà òkè yẹn ń sọ iye tí wọ́n ń lò pọ̀ ni. Kò sọ bí wọ́n ṣe ń yára. Inú tébù nìkan ni ọ́dà wà.”

“Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.”

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó wo inú tébù lóòótọ́, àmọ́ ìlà méjì tí oògùn méjèèjì ti yí padà pa pọ̀ ló gbé wo ara wọn. Ó rí i pé ìyára di ìlọ́po mẹ́rin, ó bá gbé gbogbo ìyìn náà fún oògùn kan ṣoṣo. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn méjì bá gbé àpótí wúwo wọlé, tí o wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, òun náà rẹ́rìn-ín.

A bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Tí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, a ó jókòó sórí àga gíga méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni, á dé ní nǹkan bí aago márùn-ún láti mú un lọ sílé, á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú igi tó ti lẹ̀ mọ́ ọn lápá.

“Tíṣà, ṣé ọmọ iléèwé mi ń gbọ́ ọ̀rọ̀?” á bi mí bẹ́ẹ̀.

“Ó ń gbọ́, sà.”

“Bí ò bá gbọ́, ẹ fìyà jẹ ẹ́ o. Nílé, èmi ò tó bẹ́ẹ̀.”

Màmá á ní kó dákẹ́, á sì padà sí ìwé rẹ̀. Ó ń kọ nǹkan sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó ń wọn oògùn láìwárìrì a máa gbọ̀n tó bá mú bírò.

Ohun tí mo kọ́ ọ kò le. Di oògùn kan mú kó má yí padà, sọ èkejì di ìlọ́po méjì ní kíki, ìyẹn bó ṣe ki tó nínú omi, kí o wá wo ojú ìyára. Bí ìyára kò bá mira rárá, ọ́dà oògùn yẹn jẹ́ òdo, wíwà rẹ̀ níbẹ̀ kò kan ìyára. Bí ìyára náà bá di ìlọ́po méjì, ọ́dà kan nìyẹn. Bó bá di ìlọ́po mẹ́rin, ọ́dà méjì. Bó bá wá jẹ́ pé o sọ oògùn di ìlọ́po mẹ́rin tí ìyára kàn di ìlọ́po méjì, ọ́dà ìdajì ni. Irú ẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Ó mọ gbogbo ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn náà ni mo fún un ní rúlà. Mo ní, “Mà, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà pọ̀ lójú yín. Ẹ wá ìlà méjì tí oògùn kan ti ní nọ́ńbà kan náà. Ẹ fi rúlà bo ìlà tó kù. Ohun tó bá yí padà nínú ohun tẹ́ ẹ rí, òun ló fa ìyára. Ó tán.”

Ó gbé rúlà lé e, ó wo ìlà méjì náà, ó dáhùn dáadáa. Ó ṣe òmíràn, ó tún gbà á. Nínú tébù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, wọn kò kọ kíki oògùn. Mílílítà tí wọ́n dà sílẹ̀ ni wọ́n kọ, òpó kan sì wà fún omi. Ó fi ìka lé òpó yẹn.

“Omi yìí ńkọ́, Tíṣà?”

“Omi kì í ṣe nǹkan kan níbẹ̀, Mà. Omi kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ fi rúlà bo òun náà.”

Ó wò mí díẹ̀, ó sì fi rúlà bò ó. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Èmi kò sì mọ̀ pé nǹkan wà nínú ikùn, nítorí nínú gbogbo ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí mo ní, òfin mi kò kùnà rí.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n ti ṣe é, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìpàdé òbí, ọkọ rẹ̀ sì gbẹ́ pẹ́ńsùlù mẹ́fà fún un, bí ẹni tó ń ránṣẹ́ sójú ogun. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta ní òwúrọ̀ yẹn, bí ẹ bá sì bi mí ní ohun tí mo kọ́ wọn, mi ò mọ̀.

Ó padà wá sí láàbù ní aago méjì ọ̀sán. Wọ́n gbà kí wọ́n mú ìwé ìbéèrè jáde, ó sì ká tirẹ̀ sọ́wọ́.

“Ó wá?” mo béèrè, mi ò tiẹ̀ kí i.

“Ó wá. Nọ́ńbà karùn-ún.”

Mo já ìwé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tébù rẹ̀ kéré, ẹ jẹ́ kí n yọ àwọn òdo àti ìwọ̀n kúrò níwájú ìyára kí ojú má baà ṣú yín. Oògùn P àti oògùn Q ni, ìgò kan náà ni wọ́n ti ń bu ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìgbà, mílílítà sì ni gbogbo ohun tí wọ́n dà. Ìlà kìíní: P mẹ́wàá, Q mẹ́wàá, omi ọgbọ̀n, ìyára méjì. Ìlà kejì: P ogún, Q mẹ́wàá, omi ogún, ìyára mẹ́rin. Ìlà kẹta: P ogún, Q ogójì, omi ogójì, ìyára mẹ́jọ.

Mo gbé rúlà. Ìlà kìíní àti ìkejì: Q ò yí padà, P di ìlọ́po méjì, ìyára di ìlọ́po méjì. Ọ́dà kan fún P. Inú mi dùn. Mo sún rúlà sókè. Ìlà kejì àti ìkẹta: P ogún, P ogún, kò yí padà. Q kúrò ní mẹ́wàá, ó di ogójì, ìlọ́po mẹ́rin. Ìyára kúrò ní mẹ́rin, ó di mẹ́jọ, ìlọ́po méjì péré.

“Ọ́dà ìdajì fún Q!” Mo kígbe. “Èyí tí mo sọ fún yín pé kò pọ̀, òun ni wọ́n gbé wá! Mà, ẹ kọ ìdajì, àbí?”

Ó ń so aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra.

“Mo kọ méjì.”

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó mọ́, mo sì ti sọ gbólóhùn yẹn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n mo ti lo oṣù mẹ́ta lórí àga gíga yẹn, inú ń bí mi, ìbànújẹ́ sì wà nínú ìbínú náà, mo bá tú u dà sí i lórí.

“Méjì báwo? Ta ló kọ́ yín ní méjì? Nǹkan tó hàn bí ọ̀sán yìí! Rúlà kan ṣoṣo, Mà, rúlà kan ṣoṣo! Ẹ ti ba tiyín jẹ́ báyìí. Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín tì í.”

Ojú rẹ̀ yí díẹ̀, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Ó lọ síbi àpótí oògùn, ó mú ìgò kan wá, èyí tí omi inú rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Ó tún mú sílíńdà ìwọ̀n àti bíkà mẹ́ta, ó tò wọ́n síwájú mi bó ṣe máa ń tò wọ́n fún àwọn ọmọ.

“Ẹ dúró díẹ̀, Tíṣà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé omi aláwọ̀ àlùkò yìí ni P.”

Ó wọn mẹ́wàá sínú bíkà àkọ́kọ́. “Ìlà kìíní. P mẹ́wàá. Q àti omi ni yóò kún un, mẹ́wàá àti ọgbọ̀n, ogójì. Bí P bá wọ inú omi tàbí inú Q, kíki rẹ̀ á dín kù náà ni, ẹ jẹ́ ká fi omi ṣe é.” Ó da ogójì omi sí i. Ó wọn ogún sínú bíkà kejì. “Ìlà kejì. Q mẹ́wàá, omi ogún, ọgbọ̀n.” Ó da ọgbọ̀n omi sí i. Ó wọn ogún sínú bíkà kẹta. “Ìlà kẹta. Q ogójì, omi ogójì.” Ọgọ́rin mílílítà omi kò kéré, ó sì ń dà á lọ, ó ń dà á lọ, àwọ̀ yẹn ń ṣí díẹ̀díẹ̀ lójú mi.

Ó bu díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò ìdánwò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, ó jẹ́ kí wọ́n ga dọ́gba, ó gbé wọn sí iwájú fèrèsé.

“Àwọn wo ló jọra?”

Ìkíní àti ìkẹta ló jọra. Èèyàn tí ojú ń dùn á rí i. Ìkejì nìkan ló dúdú yàtọ̀.

“Ẹ rí i pé ogún méjèèjì yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà,” ó ní. “Ogún nínú àádọ́ta ni tìlà kejì. Ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni tìlà kẹta. Mílílítà wọn dọ́gba, kíki wọn ò dọ́gba. Ẹni tó kọ ìbéèrè yẹn jẹ́ kí omi pọ̀ lójijì.”

Mo jókòó. Mo fi rúlà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo sì ka òpó omi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìlà kìíní: mẹ́wàá, mẹ́wàá, ọgbọ̀n, àpapọ̀ àádọ́ta. Ìkejì: ogún, mẹ́wàá, ogún, àádọ́ta. Ìkẹta: ogún, ogójì, ogójì, ọgọ́rùn-ún. Nínú gbogbo ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí mo ní, àpapọ̀ máa ń dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí mílílítà fi lè dúró fún kíki. Iṣẹ́ omi ni láti mú un dọ́gba. Èmi, tí mo ń kọ́ni ní kẹ́míṣírì fún ọdún mẹ́fà, sọ fún obìnrin tó ń wọn omi yẹn ní ojoojúmọ́ pé omi kì í ṣe nǹkan kan.

“Ẹ wò ó, ìlà kìíní àti ìkẹta ló yẹ kéèyàn gbé síra,” Màmá ní. “P jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún níbí, ó jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún lọ́hùn-ún. Kò yí padà. Q kúrò ní ìdá kan nínú márùn-ún, ó di ìdá méjì. Ìlọ́po méjì.”

“Ìyára kúrò ní méjì, ó di mẹ́jọ,” ni mo parí ẹ̀ fún un. “Ìlọ́po mẹ́rin. Ọ́dà méjì.”

“Ohun tí mo kọ nìyẹn.”

Mo fẹ́ kí ó dá mi lójú, mo gbé ìlà kejì àti ìkẹta lọ́nà tó tọ́. P dín sí ìdajì, nítorí náà ó yẹ kí ìyára kúrò ní mẹ́rin kó di méjì. Q di ìlọ́po méjì, bí ọ́dà rẹ̀ bá sì jẹ́ méjì lóòótọ́, yóò sọ méjì yẹn di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn mẹ́jọ. Mẹ́jọ ló wà nínú tébù. Ó bọ́ sí i géérégé, bí ìlẹ̀kùn tí ọkọ rẹ̀ bá kàn mọ́ férémù.

“Mà,” mo ní, “ẹ má bínú.”

“Ìbínú kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní mi ò mọ ìyẹn, kí ni mo fẹ́ fi omi ṣe?”

Ó fọ bíkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dojú wọn dé. Ọkọ rẹ̀ dé ní aago márùn-ún, ó bi mí bí ọmọ iléèwé òun ṣe ṣe, mo ní ó ṣe dáadáa ju tíṣà ẹ̀ lọ. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà, ó rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jáde géètì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró níwájú kíláàsì mi, mo ní kí gbogbo wọn ṣí ìwé síbi tí mo ti kọ́ wọn ní òfin rúlà. Mo ní kí wọ́n kọ gbólóhùn kan kún un: kí o tó gbé mílílítà wé mílílítà, kọ́kọ́ ro àpapọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, omi pẹ̀lú ẹ̀, bí àpapọ̀ kò bá dọ́gba, wá kíki. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó béèrè pé ṣé mo ti ṣì wọ́n kọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi dúró de èsì. Màmá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀. Mo mọ̀ pé ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, àmọ́ mo mọ àwọn èèyàn bíi tèmi. Ta ló mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ìbéèrè náà kàn kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ni, tí òun náà ní rúlà lápò? Ta ló mọ̀ bóyá ìwé ìdáhùn tí àwọn amáàkì ń wò sọ pé ìdajì? Mo tilẹ̀ kọ lẹ́tà kan sí wọn, ojú ewé méjì, mo ya tébù sí i, lẹ́yìn náà mo fà á ya. Bí wọ́n bá tọ̀nà, mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́; bí wọn ò bá tọ̀nà, àwọn èèyàn bíi tèmi kì í fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta.

Ó kù dẹ̀dẹ̀ kí Màmá pé àádọ́ta ọdún. Ọ̀gá àgbà ti gba orúkọ ọmọkùnrin kan tí wọ́n fẹ́ gbé wá bí nǹkan bá yí. Mo rí Màmá lọ́jọ́ kan tó ń lẹ orúkọ tuntun mọ́ gbogbo dúrọ́wà, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Mo béèrè ìdí. Ó ní ẹni tó bá ń bọ̀ á nílò ẹ̀, kí wọ́n má lọ máa tú ilé kiri. Mo jáde síta, mo dúró sẹ́yìn láàbù títí ojú mi fi gbẹ.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà dé. Ọ̀gá àgbà ló fún mi pé kí n mú un lọ fún un. Màmá ní ọwọ́ òun tutù, kí n bá òun ṣí i. Mo ṣí i. Àádọ́ta ni èèyàn gbọ́dọ̀ gbà kó tó yege. Ó gba méjìdínlọ́gọ́ta. Wọ́n kọ máàkì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, nọ́ńbà karùn-ún sì jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè lábẹ́ rẹ̀ ló dúró lórí ọ́dà Q. Ká ní ìdajì ló kọ sílẹ̀, máàkì mẹ́wàá ni ìbá bá a lọ, ìbá sì wà ní méjìdínláàádọ́ta.

Mo kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á fúnra rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ní, “Mo yege,” pẹ̀lú ohùn tí ó fi máa ń sọ pé ìgò ti pé. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, èmi náà ò sì lè mú un mọ́ra.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ṣí àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ ìwé kan tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ṣákálá nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Ìdajì ni mo rí níbẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà, ó yí i po, ó sì fagi lé e. Lábẹ́ ẹ̀ ni méjì wà.

“Ìdajì ni mo kọ́kọ́ kọ,” ó ní. “Mo lo rúlà bẹ́ ẹ ṣe ní kí n lò ó. Ìgbà tí mo gbé rúlà kúrò ni mo rí omi yẹn, mo sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó ìdajì wákàtí kí n tó lè yí i padà, Tíṣà. Mo fẹ́ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Kí ló dé, Mà? Ẹ̀rù ń bà yín ni?”

“Rárá o. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Oṣù mẹ́ta lẹ fi jókòó tì mí, ẹ ò gba kọ́bọ̀. Mo ń rò ó pé bí mo bá fagi lé e, ẹ̀yin ni mo fagi lé.”

Mo wo ìwé náà, ìlà kan ṣoṣo tó fi bírò fà gba orí ìdajì yẹn kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n níbẹ̀.

“Ẹ máa fagi lé mi, Mà,” mo ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró ìdajì wákàtí mọ́.”